Ibo ló yẹ kí ₦5,000 tó kàn lọ? Bí a ṣe ń fi ìlà èrè tó ń dín kù pín owó ìpolówó

Ìbéèrè tí oníṣòwò sábà máa ń bi ara rẹ̀ ni pé, láàárín Fesibúùkù àti ìwé ìléwọ́, èwo ló ń mú oníbàárà wá jù? Ìbéèrè yẹn kì í ranni lọ́wọ́ tó bá di ọ̀rọ̀ pípín owó. Èyí tó yẹ ká bèèrè ni pé: bí mo bá fi ₦5,000 kún èyí tí mo ti ń ná tẹ́lẹ̀, ibo ni yóò ti mú èrè tó pọ̀ jù wá? Ọ̀nà ìpolówó tó ń mú oníbàárà wá jù lè jẹ́ òun gan-an ni ₦5,000 tó kàn yóò ti ṣòfò.

Ohun tó fà á kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aró. Nígbà àkọ́kọ́ tí aṣọ funfun bá wọnú ìkòkò aró, àwọ̀ tó ń gbà pọ̀ gan-an. Lẹ́ẹ̀kejì, ó tún dúdú sí i. Tó bá fi máa di ìgbà kẹjọ, aṣọ náà ṣì ń gba aró díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára káká la fi ń rí ìyàtọ̀, bẹ́ẹ̀ wàhálà rírẹ ẹ́ kò dín sí ti àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ìpolówó rí. Tí a bá ya owó tí a ná àti ọjà tó tà sórí ìwé, ìlà tó máa jáde yóò kọ́kọ́ gòkè fíofío, lẹ́yìn náà yóò máa tẹ̀, títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀. Iṣẹ́ wa níbí ni láti mọ ibi tí a dúró sí lórí ìlà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ kan l'Óṣogbo ṣe àpẹẹrẹ. Lọ́sẹ̀, ó ń ná ₦80,000 sórí Fesibúùkù, ó sì ń ná ₦10,000 sórí ìwé ìléwọ́ tí wọ́n ń pín ní ọjà Ìgbónà àti ní oríta Ọláìyá. Ìdì oní-yáàdì-márùn-ún ló ń tà. Àwa la gbé àwọn iye náà kalẹ̀, a sì jẹ́ kí wọ́n gún régé kí ìṣirò má baà dí wa lójú. Ti ṣọ́ọ̀bù yín yóò rí gbágungbàgun, kò sì burú.

Kọ́kọ́ mọ èrè orí ìdì kan

Ẹ mú iye tí ẹ ń ta ìdì kan, kí ẹ yọ owó aṣọ, owó aró àti kẹ́míkà, owó ọ̀yà aláró, owó náílọ́ọ̀nù àti owó tí ẹ fi ń gbé ọjà ránṣẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ má yọ owó ilé ìtajà, nítorí yálà ẹ ta ìdì kan sí i tàbí ẹ ò tà á, onílé yóò gba owó rẹ̀ bákan náà. Owó tó ń yí padà nígbà tí ìdì kan bá kún un nìkan là ń yọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦4,000 ló ṣẹ́kù.

Iye yìí ni òṣùwọ̀n gbogbo ohun tó kù. Ìpolówó tó bá ń ná wa ju ₦4,000 lọ kó tó mú ìdì kan sí i tà ti di gbèsè, bó ti wù kí ojú ẹ̀rọ dán tó.

Owó ìpolówó náà ní láti pé. Lórí Fesibúùkù, owó orí ọjà 7.5% máa ń wà lórí iye tí ẹ rí ní `Amount spent`. Owó tó jáde ní báńkì ni kí ẹ kọ. Ní ti ìwé ìléwọ́, owó títẹ̀ nìkan kò tó, ẹ fi ti àwọn ọmọ tó ń pín in àti owó ọkọ̀ wọn kún un.

Dá ojú mẹ́ta wò, kí wọ́n sì jìnnà síra

A kò lè rí ìlà kankan bó bá jẹ́ iye kan ṣoṣo la ti ń ná láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó ń ná ₦80,000 ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mọ ojú kan péré, kò sì mọ bóyá òkè ni ìlà náà ń lọ níbẹ̀ tàbí ó ti dùbúlẹ̀. Nítorí náà, a óò yí owó Fesibúùkù padà nígbà tí ìwé ìléwọ́ dúró sórí ₦10,000 rẹ̀. A óò fi í sórí òfo, lẹ́yìn náà sórí ₦20,000, lẹ́yìn náà sórí ₦40,000. Ti ₦80,000 ti wà nínú ìwé títà wa tẹ́lẹ̀.

Ẹ rí i pé ìlọ́po méjì méjì ni. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ₦5,000 kún ₦80,000 fún ọ̀sẹ̀ kan, kí wọ́n wá sọ pé ó ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Ìyẹn ò lè hàn. Títà fúnra rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án: òjò rọ̀, ẹnì kan ra ìdì mẹ́fà fún aṣọ ẹbí. Òfin kékeré kan wà tó ń ranni lọ́wọ́. Ẹ tẹ iye ìdì tó tà sínú `SQRT` nínú Google Sheets tàbí Excel. Ohun tó bá jáde ni bí iye náà ṣe lè ṣí lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ láìnídìí.

```
=SQRT(80)
=SQRT(320)
```

Ti àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bí 9: ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó ta ìdì 80 lè ta 71 tàbí 89, kó má sì túmọ̀ sí nǹkan kan. Ìkejì ni ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a kó pọ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 18 lórí 320. Ìlọsókè-sódò láìnídìí yìí, tí a óò máa pè ní ariwo, ti kéré gan-an sí iye tó wà nílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ojú kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àǹfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: Òṣogbo jẹ́ olú-ìlú ìpínlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pọ̀ níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ tí owó oṣù wọlé kò sì lè jọ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin máa ń gba ọ̀sẹ̀ owó oṣù kan mọ́ra, ojú kọ̀ọ̀kan á sì rí tirẹ̀ gbà.

Ohun méjì ló sábà máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́. Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó rí ìpolówó lónìí lè wá rà á lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí ẹ bá pa ìpolówó lọ́jọ́ Ajé tí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀sẹ̀ òfo lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ìpolówó àná ló ṣì ń tajà fún yín. Ẹ fo ọ̀sẹ̀ kan láàárín ojú kan sí èkejì, ẹ má kà á mọ́ ìkankan. Èkejì ni àsìkò. Ẹ má ṣe ìdánwò ní oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, nítorí àwọn àlejò yóò ra àdìrẹ yálà ẹ polówó tàbí ẹ ò polówó. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ Iléyà àti ti Kérésì náà, kí ẹ sì fi ọ̀sẹ̀ mìíràn rọ́pò wọn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ti lè parí kí oṣù keje tó dé.

Ìwé ìléwọ́ kò ṣeé wọ̀n bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìdì 10 péré ló ń mú wá lọ́sẹ̀, ariwo títà yóò sì gbé e mì. Ọ̀nà tirẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí ara ìwé náà pé ẹni tó bá mú un wá yóò gba aṣọ ìnujú àdìrẹ kan, irú èyí tí a ń gé láti ara àjákù. Ìwé tó bá padà wá, ẹ kà á. Kì í ṣe òṣùwọ̀n tó péye: ẹlòmíràn ì bá ti wá tẹ́lẹ̀, ẹlòmíràn sì ti sọ tirẹ̀ nù kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Síbẹ̀, ó sàn ju kí ẹ máa bi oníbàárà pé níbo ló ti gbọ́ nípa yín, nítorí ohun tó bá kọ́kọ́ sọ sí wọn lọ́kàn ni wọ́n máa ń dá yín lóhùn.

Fa ìlà náà yọ

Ohun tí ìdánwò Fesibúùkù mú jáde nìyí, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí a ti pín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́rin:

| Owó (ẹgbẹ̀rún náírà) | Gbogbo ìdì tó tà | Ìdì tí Fesibúùkù fi kún un | Owó ÷ ìdì tó fi kún un |
|---|---|---|---|
| 0 | 40 | 0 | – |
| 20 | 60 | 20 | 1.00 |
| 40 | 70 | 30 | 1.33 |
| 80 | 80 | 40 | 2.00 |

Ìdì 40 tó tà nígbà tí Fesibúùkù wà lórí òfo kì í ṣe iṣẹ́ Fesibúùkù. Ẹni tó bá gbàgbé láti yọ ọ́ yóò máa yin ìpolówó fún ọjà tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ìwé ìléwọ́ tà.

Ìlà tó rọrùn tó sì bá irú èyí mu ní iye méjì péré tí a ní láti mọ̀. Ẹ jẹ́ ká pe àkọ́kọ́ ní `A`: òun ni òrùlé, iye ìdì tí ọ̀nà náà kò lè kọjá láéláé, bó ti wù kí a náwó tó. Ìkejì ni `k`: iye owó tó ń gbé wa dé ìdajì òrùlé yẹn. Ìdì tí a óò rí lórí owó `x` ni:

```
=A*x/(x+k)
```

Láti rí `A` àti `k` nínú Google Sheets tàbí Excel, ẹ kọ owó sí òpó B, ẹ kọ ìdì tó kún un sí òpó C, kí ẹ sì pín B sí C nínú òpó D. Àwọn ojú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ìlà 2 sí 4, òfo ò sí lára wọn.

```
F2: =1/SLOPE(D2:D4,B2:B4)
G2: =INTERCEPT(D2:D4,B2:B4)*F2
```

F2 ni `A`, G2 ni `k`. Fún Fesibúùkù, a óò rí 60 àti 40: òrùlé jẹ́ ìdì 60 lọ́sẹ̀, ₦40,000 sì ni ó ń gbé wa dé ìdajì rẹ̀. Ìwé ìléwọ́ tí a dán wò lórí ₦5,000, ₦10,000 àti ₦30,000 mú ìdì 6, 10 àti 18 wá. `A` rẹ̀ jẹ́ 30, `k` rẹ̀ sì jẹ́ 20.

Ojú méjì péré lè fún yín ní `A` àti `k`, ṣùgbọ́n ojú méjì kì í jiyàn, ìlà tààrà máa ń gba àárín wọn kọjá ní gbogbo ìgbà. Ojú kẹta ni ẹlẹ́rìí. Bí ó bá jìnnà gan-an sí ìlà tí méjì yòókù fà, ọ̀sẹ̀ kan nínú wọn ti bàjẹ́, ẹ wá a rí.

Ẹ sì máa wo òpó D dáadáa kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé F2. Ó yẹ kí ó máa pọ̀ sí i bí owó ṣe ń pọ̀ sí i, bíi 1.00, 1.33, 2.00. Bí ó bá ń dín kù, owó tó kún un ń ṣiṣẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, `A` yóò sì jáde ní òdì, ìyẹn nọ́ńbà tí àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò ṣàṣìṣe nígbà náà, ìlà yìí ni kò bá ọ̀nà ìpolówó náà mu.

Máa pín in ní ₦5,000, ₦5,000

Ìgbà yìí la wá lè dáhùn ìbéèrè wa. Ẹ má pín gbogbo owó sí gbogbo ìdì. Lórí ₦80,000, Fesibúùkù ń mú ìdì 40 wá, ìyẹn ₦2,000 lórí ìdì kan, nígbà tí èrè orí ìdì jẹ́ ₦4,000. Ẹni tó bá wò ó bẹ́ẹ̀ yóò ní ó dára púpọ̀, yóò sì fi owó kún un. Ẹ wá wo ₦5,000 ìkẹyìn nìkan. Lórí ₦75,000, ìlà sọ pé ìdì 39.13 ni. Lórí ₦80,000, ìdì 40 ni. Ìyàtọ̀ jẹ́ 0.87, èrè rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ₦3,480. A ná ₦5,000 láti rí ₦3,480. Ìdì àkọ́kọ́ tí owó pọ́ọ́kú mú wá ló ń bo ìdì ìkẹyìn mọ́lẹ̀ nínú ìṣirò gbogbogbò.

Ẹ fi ₦5,000 kan náà sórí ìwé ìléwọ́, láti ₦10,000 sí ₦15,000. Ìdì á kúrò ní 10 sí 12.86, èrè tó kún un sì lé ní ₦11,400. Owó kan náà, ìlú kan náà.

Ẹ ṣe òpó kan fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìṣirò, kí owó máa lọ sókè ní ₦5,000, ₦5,000 láti òfo. Ẹ kọ ìdì tí ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi kún un, kí ẹ sì sọ ọ́ di náírà pẹ̀lú ₦4,000. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òfo: ₦5,000 àkọ́kọ́ lọ síbi tí èrè rẹ̀ pọ̀ jù, èyí tó tẹ̀ lé e lọ síbi tó pọ̀ jù nínú ohun tó ṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ títí. Ẹ dúró nígbà tí kò bá sí ọ̀nà kankan tí ₦5,000 tó kàn ti lè mú ₦5,000 padà.

Nínú àpẹẹrẹ wa, Fesibúùkù láti ₦55,000 sí ₦60,000 ń mú nǹkan bí ₦5,050 wá, ó yege pẹ̀lú ìnira. Láti ₦60,000 sí ₦65,000, ó di ₦4,570. Ibẹ̀ la ti dúró. Ìwé ìléwọ́ láti ₦25,000 sí ₦30,000 ń mú ₦5,330 wá, èyí tó kàn kò sì tó ₦4,400. A dúró sórí ₦30,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ₦90,000, iye tí ṣọ́ọ̀bù náà ti ń ná tẹ́lẹ̀ gan-an. Ohun tó yí padà ni pé ₦20,000 kúrò ní Fesibúùkù, ó lọ sórí ìwé ìléwọ́. Ìdì tí ìpolówó ń mú wá kúrò ní 50, ó di 54. Èrè lẹ́yìn owó ìpolówó sì gbéra láti ₦110,000 sí ₦126,000 lọ́sẹ̀.

Bó bá jẹ́ ₦60,000 péré lẹ ní, ọ̀nà kan náà ni: ẹ dúró níbi tí owó ti tán. Yóò bọ́ sí ₦40,000 fún Fesibúùkù àti ₦20,000 fún ìwé ìléwọ́.

Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kejì ṣe ìdájọ́ ìpín tuntun yìí. Ìdì mẹ́rin lọ́sẹ̀ ló kún un, ariwo tí a sọ lókè sì jẹ́ 9. Ó ṣeé ṣe kí títà tilẹ̀ lọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Èrè ìpín tó dára kì í hàn lójú títà ojoojúmọ́, inú àpapọ̀ ọdún ló ń pa mọ́ sí, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń fi ìdánwò olójú jíjìnnà wá a. Bákan náà, bí òkè ìlà bá ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ₦58,000 tàbí ₦62,000 kò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ẹ má jà lórí rẹ̀.

Ibi tí ìlà yìí ti ń tanni jẹ

Rédíò ni àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ jù. Ẹ gbé ìpolówó sórí rédíò OSBC lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má rántí. Ìgbà tí ó bá ń dún lójoojúmọ́ ló máa ń wọ etí. Ìlà rẹ̀ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀, lẹ́yìn náà ó gòkè, kó tó wá tẹ̀. Bí ẹ bá ń fi ₦5,000, ₦5,000 pín owó, rédíò kò ní rí kọ́bọ̀ gbà láé, nítorí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ máa ń fara hàn bí òfo. Ẹ mú gbogbo ètò rédíò oṣù kan bí odindi kan: ìdì mélòó ni gbogbo owó náà fi kún un, ṣé iye yẹn ní ìlọ́po ₦4,000 ju owó náà lọ, ṣé ó sì ju èrè tí owó kan náà ì bá ti mú wá níbòmíràn lọ?

Ọ̀nà méjì tún lè máa ka ẹnì kan náà. Obìnrin tó gba ìwé ìléwọ́ ní Ìgbónà lè jẹ́ ẹni tó rí yín lórí Fesibúùkù lálẹ́ àná. Bí ọ̀nà méjèèjì bá jọ ń ṣiṣẹ́ tí àpapọ̀ títà kò sì tó ohun tí ìlà méjèèjì jọ sọ, wọ́n ń pín oníbàárà ni, `A` àwọn méjèèjì sì ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ má sì tẹ̀ lé ìlà kọjá ibi tí ẹ dán wò. A dán Fesibúùkù wò dé ₦80,000. Ohun tí ìṣirò bá sọ nípa ₦200,000 jẹ́ àbá lásán.

Aláró náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ìkòkò àti ọwọ́ tó wà nílẹ̀ kò bá lè ṣe ju ìdì 80 lọ lọ́sẹ̀, ìdì kẹrìnlélọ́gọ́rin tí ìlà ń sọ kò sí. Oníbàárà tí ẹ fi owó pè, tí kò wá bá ọjà, ti ná yín lówó, ó sì tún ti bínú lọ.

Níkẹyìn, ìlà jẹ́ ti ìpolówó kan, ní ìlú kan, fún àwọn èèyàn kan. Fesibúùkù kọ́kọ́ ń gbé yín lọ bá àwọn tó jọ pé wọ́n á tètè dáhùn. Bí owó bá ń pọ̀, àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ ló ń kàn, tàbí kí ó máa padà sọ́dọ̀ àwọn kan náà. Ẹ máa wo `Frequency`, ìyẹn iye ìgbà tí ẹnì kan ń rí ìpolówó yín: bí ó bá ń gòkè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ nígbà tí owó dúró lójú kan, àwòrán yín ti sú wọn, òrùlé sì ti ń wálẹ̀. Àwòrán tuntun, tàbí kí ẹ fẹ àyíká ìpolówó dé Ẹdẹ, Ìlobùú àti Ìkìrun, á gbé ìlà tuntun kalẹ̀, ẹ ó sì tún un wọ̀n. Ti oṣù kẹjọ, ẹ ṣí ojú ewé tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ máa kọ ọ́ lọ́dọọdún, ẹ má fi kún ti àwọn oṣù yòókù.